Kí la ó máa pe ọmọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé?

Ọmọ kì í dúró de ìsọmọlórúkọ kó tó di ẹni tí à ń pè. Ní wákàtí tó bá wọlé ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń rẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń béèrè pé kí ni òun ó máa pè é. Orúkọ rẹ̀ gan-an ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, kò sì tíì yẹ kó jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ni pé wọ́n á mú èyí tó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Nígbà tí ọmọ bá pé ogún ọdún, wọn kò ní rántí bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àmọ́ òun náà ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí a ó sọ níbí ni bí èèyàn ṣe lè mú ìpè kan fún ọ̀sẹ̀ yẹn tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀, tí yóò sì rọra kúrò nílẹ̀ nígbà tí orúkọ gidi bá dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye ọjọ́ tí à ń sọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni fún gbogbo ọmọ. Nínú ìṣirò Yorùbá, ọjọ́ tí a bí ọmọ wà nínú òǹkà: bí wọ́n bá bí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun yẹn ni ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ. Àwọn Mùsùlùmí ń sọ pé ọjọ́ keje ni, àmọ́ níbi tí àáfà kò bá ti ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, Ìṣẹ́gun kan náà ló máa já sí. Ohun tó ń dá a rú ni ọmọ alẹ́. Lójú àáfà, ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ìṣẹ́gun lè di ọmọ Ọjọ́rú. Ẹ sọ wákàtí tí wọ́n bí ọmọ fún àáfà tàbí pásítọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pe èèyàn. Ọjọ́ méje ni ìpè ilé yẹn yóò fi ṣiṣẹ́, ó sì gùn ju bí ó ṣe dà lójú lọ.

Kí ẹ tó wá ìpè kankan, ẹ wò ó bóyá ọmọ náà ti mú orúkọ wá láti ọ̀run. Ìbejì kò nílò ìpè ilé: èyí tó kọ́kọ́ jáde ni Táíwò, èkejì ni Kẹ́hìndé, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé ìbejì ni Ìdòwú, èyí tó tẹ̀ lé Ìdòwú ni Àlàbá. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tó dojú bolẹ̀ wá ni Àjàyí. Bí ìwọ́ bá wé mọ́ ọmọ lọ́rùn, ọkùnrin ni Òjó, obìnrin ni Àìná. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe fún bàbá ọmọ. Ẹni tó gbẹ̀bí ni kí ẹ bi pé: báwo ló ṣe jáde? Àwọn nọ́ọ̀sì kì í sábà sọ ọ́ bí a kò bá bi wọ́n, nítorí pé lójú tiwọn, ìwọ́ tó wé mọ́ ọrùn tí wọ́n sì tú ti parí síbẹ̀. Ẹ béèrè kí ìyá tó kúrò nílé ìwòsàn. Ọmọ tí ilé ti ń pè ní nǹkan mìíràn fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó gbọ́ pé Àìná ni, ilé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ méjì.

Dàda yàtọ̀ díẹ̀. Irun tó ta kókó kì í sábà hàn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìkánjú pe ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ní Dàda nítorí pé irun rẹ̀ kún.

Bí ọmọ kò bá mú orúkọ wá, ìgbà yẹn la ń wá ìpè. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí ẹnu máa ń yára sí, ká sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń já èèyàn.

Bebí wọ́pọ̀ gan-an, Tuntun náà sì wọ́pọ̀. Àwọn méjèèjì dùn ún pè, ọmọ ọdún méjì lè pè wọ́n. Àléébù wọn ni pé wọn kò ní ọjọ́ tí wọ́n máa parí. Ọdún méjì sí i, ọmọ mìíràn á dé, Bebí á wá di méjì nínú ilé kan ṣoṣo. Àwọn ará ilé á wá fi "Bebí àgbà" kún ti àkọ́kọ́ dípò kí wọ́n padà sí orúkọ rẹ̀.

Àlejò lẹ́wà, ó sì bá ìwà wa mu, nítorí pé àlejò pàtàkì ni ọmọ tuntun jẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ àlejò ni pé kó dé kó sì tún lọ. Nínú ilé tí ọmọ kan ti kú rí, tàbí tí oyún ti bàjẹ́ lára ìyá, ẹ má pe ọmọ ní Àlejò. Ìyá náà lè má sọ̀rọ̀, yóò kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́ fún àwọn tó wá kí i, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ́ sí i létí. Ẹni tó mọ ìtàn ilé ni kó dá àwọn àlejò lẹ́kun, kó má jẹ́ pé ìyá ọlọ́mọ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìyá àti Bàbá ló le jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìkẹ́ lásán ni kí wọ́n máa pe ọmọbìnrin ní "Ìyá" tàbí "Màmá". Bí ìyá àgbà ọmọ náà ní ìhà kan bá ti kú kí wọ́n tó bí i, kì í ṣe ìkẹ́ mọ́. Ẹ ti ń sọ pé Yétúndé ni, tàbí Ìyábọ̀. Bákan náà ni "Bàbá" fún ọmọkùnrin tí bàbá àgbà rẹ̀ ti lọ: Babátúndé lẹ ń pè. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ní olówó rẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé, pàápàá àkọ́bí rẹ̀, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bá a pé gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyábọ̀, ó di pé àwọn ará ìta ló sọ ìyá wọn lórúkọ. Ìjà tí mo mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ nílẹ̀ ni.

Ìpè tó dá lórí ara ọmọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé ó lè dá ewu sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìtìjú. Pupa, Dúdú, Olórí gígùn, Kékeré: gbogbo wọn ń sọ ohun tí kò ní pẹ́ yí padà. Orí ọmọ tí ìrọbí rẹ̀ pẹ́ máa ń gùn, á sì padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ tuntun máa ń dín nínú ìwọ̀n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó tún gbà á padà. Àwọ̀ kì í tíì dúró rárá: ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n ń bí ní pupa tí wọ́n á sì dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ìyá àgbà mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń wo etí àti ìdí èékánná dípò ojú. Bí etí ọmọ bá dúdú létí-létí, tí ìdí èékánná ọwọ́ rẹ̀ náà ṣú, dúdú ni yóò já sí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ pọ́n tó lónìí.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ibà pọ́njú máa ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun, ara wọn á sì máa pọ́n bí ẹni pé a fi epo pupa pa á. Nínú ilé tí wọ́n ti ń pe ọmọ ní Pupa tàbí Apọ́nbéporẹ́, bí àwọ̀ náà ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń yin ọmọ sí i: "Ẹ wò ó bí Pupa wa ṣe ń dán!" Ìpè náà ti fọ́ wọn lójú. Ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti wọlé, ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé ìka kúrò. Bí ibi tí ẹ tẹ̀ bá pọ́n rẹ́sẹ́rẹ́sẹ́ bí àtalẹ̀ pupa, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni ara rẹ̀ ti pọ́n bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú, tí ó ń sùn jù, ẹ má dúró dé àárọ̀. Oòrùn àárọ̀ tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kì í ṣe ìwòsàn fún un. Mo kà á kún ọ̀rọ̀ orúkọ nítorí pé orúkọ ló ń mú kí ojú máa rí ẹwà níbi tí àìsàn wà.

Oríkì ńkọ́? Àwọn kan á ní kí a máa pè é ní Àdùkẹ́ tàbí Àjàní kí ọjọ́ tó pé, ṣebí oríkì ni orúkọ ìkẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ orúkọ gidi ni oríkì, ó sì ní ìtumọ̀ tó gbọ́dọ̀ bá ìtàn ọmọ mu. Àbẹ̀bí ni ọmọ tí a bẹ̀ kó tó di bíbí. Àjàní ni èyí tí a jà kí a tó ní. Ẹ kò lè pe ọmọ tó wọlé wẹ́rẹ́ ní Àbẹ̀bí nítorí pé ó dùn lẹ́nu. Àgbà ilé ni yóò fún un, bí àgbà náà bá sì ti fún un lọ́jọ́ kejì, ó ti parí nìyẹn: ẹ má pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Bí ẹnì kankan kò bá tíì fún un, ẹ má fi ṣe ìpè ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló wá kù? Ìpè tó dára jù fún ọ̀sẹ̀ yìí ni èyí tó ń sọ ohun tí ọmọ náà jẹ́ sí ẹni tó ń pè é. Ó ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, a kò kàn kà á sí ni. Ìyá àgbà á pe ọmọkùnrin ní "ọkọ mi". Bàbá àgbà á pe ọmọbìnrin ní "ìyàwó mi". Àwọn ẹ̀gbọ́n á pè é ní "Àbúrò". Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ á pè é ní "ọ̀rẹ́ mi". Àǹfààní ibẹ̀ ni pé olówó kan ṣoṣo ni ìpè kọ̀ọ̀kan ní. Ìyàwó mi kò lè jáde kúrò lẹ́nu bàbá àgbà lọ sọ́jà, torí kò sẹ́lòmíràn tó lè pè é bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ gidi bá dé, bàbá àgbà lè máa pe ìyàwó rẹ̀ lọ títí ayé, kò dí orúkọ náà lọ́wọ́.

Bí ilé bá wá ń fẹ́ ẹyọ kan tí gbogbo wọn á jọ máa pè, ẹni tó ń wẹ ọmọ ni kí wọ́n wò. Òun ló ni orúkọ ọ̀sẹ̀ yẹn, bóyá ilé mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ dùbúlẹ̀ lé e lórí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú báàfù lápá ọ̀tún, kànìnkànìn àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti da omi àkọ́kọ́ sí i títí tó fi máa nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló ń fi ìpè kan náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ nìyẹn, àwọn ọmọ ilé sì dúró yí i ká tí wọ́n ń wò. Bàbá lè sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní báyìí-báyìí, èyí tí wọ́n gbọ́ nídìí báàfù ni wọ́n máa pè.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, ní Ìgbógbó. Wọ́n bí ọmọbìnrin lálẹ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n méjì ló ní, obìnrin ọmọ ọdún méje àti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá bàbá rẹ̀ ló wá wẹ̀ ẹ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Oyún kan ti bàjẹ́ kí èyí tó dúró. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì: orí ló fi wáyé, ojú rẹ̀ kò dolẹ̀, ìwọ́ kò wé mọ́ ọn. Kò mú orúkọ wá.

Lọ́jọ́rú, ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Pupa, èyí ọkùnrin ní Bebí, aládùúgbò tó gbé omi wá ní "Ẹ kú àlejò o, Àlejò dà?", obìnrin kan láti ìhà ìyá ọmọ wọlé, ó gbé e, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní "Ìyá mi ti dé." Ìpè mẹ́rin nìyẹn kí oòrùn tó kan àtàrí. Pupa kò ṣeé gbà: etí ọmọ dúdú. Àlejò kò ṣeé gbà nítorí oyún tó bàjẹ́. Ti Ìyá ni ó gba ọgbọ́n, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ohun tó yẹ ni kí bàbá ọmọ pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó dàgbà jù lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn kan ti ń pe ọmọ yìí ní Ìyábọ̀. A fẹ́ kó ti ẹnu yín jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Báyìí, wọ́n ti bu ọlá fún ìhà ìyá, orúkọ sì dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Ìyá bàbá ọmọ ti ń pè é ní "ọ̀rẹ́ mi" nídìí báàfù láti àárọ̀. Wọ́n mú Ọ̀rẹ́ Màmá. Kí wọ́n tó gbà á tán, wọ́n dán an wò lọ́nà méjì. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta pè é, ó pe "Ọ̀yẹ́ Màmá", ó tó. Lẹ́yìn náà wọ́n pè é sókè láti ẹnu ọ̀nà wò ó bóyá ẹlòmíràn máa dáhùn. Bí ọmọ kan bá wà lágboolé tó ń jẹ́ Ọ̀rẹ́olúwa, tí wọ́n ń gé e kúrú sí Ọ̀rẹ́, wọn ì bá ti wá òmíràn.

Iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù ni ti ìwé. Nílé ìwòsàn, "Bebí" ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú orúkọ ìyá tàbí ti ìdílé sórí káàdì, nítorí pé ọmọ gbọ́dọ̀ gba àjẹsára ìbí láìdúró de orúkọ: abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ lápá òsì, ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lẹ́nu, àti abẹ́rẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín ní orúkọ, ẹ má fi ìpè ilé dáhùn. Ẹ ní kó fi Bebí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà fún àjẹsára tó kàn, ẹ ti ní orúkọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Kí lẹ́tà inú rẹ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí ẹ gbà lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn mu délẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ìpè ilé wọ káàdì, ẹni tó lọ gba ìwé ẹ̀rí wò ó kọ láti orí káàdì, ọmọ wá ń jẹ́ Tuntun nínú ìwé ìjọba. Àtúnṣe rẹ̀ á mú èèyàn dé kọ́ọ̀tù fún ìwé ìbúra.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé adùn ìpè ilé ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọmọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fà á ni ọ̀pọ̀ orúkọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bàbá àgbà sọ ọ́, ìyá àgbà sọ ọ́, àǹtí sọ ọ́, pásítọ̀ tàbí àáfà sọ tirẹ̀, oníkálukú sì fi owó lé e. Wọ́n ka mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n á máa pè, ọmọ sunkún, gbogbo wọn padà sí èyí tí ẹnu wọn ti mọ̀.

Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá ti fẹnu kò sí ẹyọ kan tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ń darí ètò kó kéde rẹ̀ ní ìparí: "Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, èyí ni a ó máa pè é." Kí ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́. Ní ilé Ìgbógbó yẹn, lálẹ́ Ìṣẹ́gun kejì, nígbà tí wọ́n bá gbé báàfù jáde, orúkọ tuntun ni ìyá àgbà yóò fi bẹ̀rẹ̀, kó tó fi "ọ̀rẹ́ mi" tẹ̀ lé e. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí báàfù láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó dúró tì í á ti máa pè é bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé.